Ta ni ó ń san owó iṣẹ́ ejẹ́ńtì yín? Ìdáhùn fún bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọmọ mi obìnrin parí ní LAUTECH, ó sì fẹ́ lọ ṣe mástàsì nínú ìmọ̀ ìlera àwùjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ejẹ́ńtì kan ní Bódìjà, Ìbàdàn, ti gba ₦250,000 owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wa, ó sì ní kí a mú ₦3,500,000 wá fún CAS, ohun tí ó ní a ó fi béèrè físà. Ó ní físà dájú, pé àwọn yóò bá wa wá owó tí a ó fi hàn ní báńkì, àti pé ọkọ ọmọ mi àti ọmọ wọn kékeré yóò bá a lọ. Wọ́n fi ìwé CAC hàn wá, ọ́fíìsì wọn sì dára. Àwọn ìbéèrè wo ni mo lè bi wọ́n kí n fi mọ̀ bóyá ojúlówó ni wọ́n?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ má tíì san ₦3,500,000 yẹn. Nínú gbogbo ohun tí ejẹ́ńtì yìí bá yín sọ, ọ̀kan wà tí ó tú àṣírí rẹ̀ kí ẹ tó bi í ní ìbéèrè kankan, ìyẹn ni ti ọkọ àti ọmọ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà mọ́ kí ẹni tí ó bá wá ṣe irú mástàsì tí à ń jókòó kọ́ ní kíláàsì mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Àwọn tí àyè ṣì gbà ni àwọn tí ó wá ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí, bí àwọn tí ń lépa oyè ọ̀mọ̀wé, àti àwọn tí ìjọba fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Mástàsì ìlera àwùjọ tí àwọn yunifásítì wọn ń polówó fún àwọn ọmọ wa kì í sábà sí nínú wọn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè sọ pé òun kò gbọ́ nípa òfin yìí. Bí ó bá sì jẹ́ pé kò gbọ́ ní tòótọ́, kò yẹ ní ẹni tí ẹ ó fi ìwé ọmọ yín lé lọ́wọ́.

Ìwé CAC tí wọ́n fi hàn yín lè jẹ́ ojúlówó, síbẹ̀ kò dáhùn ìbéèrè yín. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ẹnìkan fi orúkọ ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tí ń ta aṣọ ní Gbági lè ní in, ẹni tí ń jí owó àwọn ènìyàn gbà náà sì lè ní in. Kò sọ pé yunifásítì kankan mọ̀ wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́fíìsì tí ó dára, àwòrán àwọn ọmọ tí ó dúró níwájú pápákọ̀ òfurufú, àti àwọn físà tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ sí ara ògiri: gbogbo rẹ̀ ni owó lè rà. Ìbéèrè tí ó ń ṣiṣẹ́ ni èyí tí ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í ṣe ejẹ́ńtì, pàápàá jù lọ lọ́wọ́ yunifásítì fúnra rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìbéèrè tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí ni ó ní ibi tí ẹ ó ti lọ wádìí rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dáhùn tán.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí ìwé ń gbà, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ibi tí ayédèrú lè fi ara pamọ́ sí. Ọmọ yín yóò fi èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí yunifásítì. Bí wọ́n bá gbà á, wọn yóò fi lẹ́tà ìgbàwọlé ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò béèrè owó àsansílẹ̀, èyí tí í ṣe apá kan nínú owó ilé ìwé ọdún náà. Ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò tún fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí fídíò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òun gan-an ni ó fẹ́ kàwé àti bóyá ó mọ ohun tí ó fẹ́ lọ kà. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò fún un ní CAS. CAS yìí kì í ṣe ìwé tí à ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Àkọsílẹ̀ ni, tí yunifásítì ń ṣe sínú ẹ̀rọ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ̀rọ náà sì ń fún ní nọ́ńbà tí a pò mọ́ lẹ́tà, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 14. Nọ́ńbà yìí ni ọmọ yín yóò fi béèrè físà lórí gov.uk. Nígbà tí òṣìṣẹ́ físà bá tẹ̀ ẹ́, ohun tí yunifásítì kọ ni yóò rí, kì í ṣe ohun tí ejẹ́ńtì kọ.

Èyí fi hàn pé ó ṣòro gan-an láti dá CAS ayédèrú sílẹ̀ kí ó sì di físà. Ibi tí ayédèrú sábà ń wà ni inú ohun tí wọ́n fi gba CAS: èsì ẹ̀kọ́ tí wọ́n tún ṣe, owó àsansílẹ̀ tí wọ́n fi owó olówó san, ìwé báńkì tí báńkì kò mọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ó léwu jù, nítorí wọ́n lè kọjá ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́ láìsí wàhálà, kí wọ́n wá bú jáde nígbà tí ọmọ bá ti dé ọ̀hún.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ Punjab ní orílẹ̀-èdè India, nítorí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀ ní ọdún 2023. Ejẹ́ńtì kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Jalandhar, Brijesh Mishra ni orúkọ rẹ̀, fún wọn ní lẹ́tà ìgbàwọlé ayédèrú sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kánádà. Wọ́n fi lẹ́tà náà béèrè físà, wọ́n sì rí físà gbà. Nígbà tí wọ́n dé Kánádà, ejẹ́ńtì náà sọ fún wọn pé àyè ti kún ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, ó sì ní kí wọ́n lọ wọ òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàwé jáde, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n béèrè láti di olùgbé títí lọ ni ìjọba tún ìwé wọn yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé lẹ́tà àkọ́kọ́ kì í ṣe òótọ́, tí wọ́n sì fẹ́ dá wọn padà sílé. Ní ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ ní Vancouver rán ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó gbà pé òun jẹ̀bi. Láti oṣù kejìlá ọdún 2023 sì ni Kánádà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ilé ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá òun ni ó kọ lẹ́tà tí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nínú ìtàn yìí ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí físà. Nítorí náà, bí ejẹ́ńtì bá ń fi físà àwọn tí ó ti rán lọ hàn yín, físà ni ó fi hàn yín. Kò tíì fi hàn yín pé ìwé tí ó wà lẹ́yìn físà náà mọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi wọ́n ni èyí: yunifásítì wo ni ẹ ń ṣojú fún, ta ni ẹ sì ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n dárúkọ yunifásítì náà kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ojú ìwé yunifásítì ọ̀hún lórí ayélujára. Púpọ̀ nínú wọn ní ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn ejẹ́ńtì wọn sí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí orúkọ wọn, kí ọmọ yín kọ ímeèlì sí ọ́fíìsì tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí ó béèrè pé: ǹjẹ́ ẹ mọ ilé-iṣẹ́ yìí? Kí ó mú àdírẹ́sì náà láti ojú ìwé yunifásítì, kí ó má ṣe mú un lọ́wọ́ ejẹ́ńtì, kí ó sì wò ó dáadáa pé ó parí sí .ac.uk. Wọn yóò dáhùn. Ara iṣẹ́ wọn ni. Kí ó tó kọ ọ́ rárá, kí ó wá orúkọ yunifásítì náà nínú ìwé tí ìjọba ń gbé jáde lórí gov.uk, tí wọ́n pè ní Register of licensed sponsors: students. Ilé ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè fún ẹnikẹ́ni ní CAS, bí ó ti wù kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà dára tó nínú àwòrán. British Council náà ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ àti àwọn olùgbani-nímọ̀ràn tí ó ti gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ wọn tí wọ́n sì yege, ẹ sì lè wá orúkọ wọn níbẹ̀.

Ohun kan wà níbí tí kò yẹ kí ẹ fi dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Púpọ̀ nínú àwọn ejẹ́ńtì Ìbàdàn, Òṣogbo àti Akúrẹ́ kò bá yunifásítì ṣe àdéhùn fúnra wọn. Abẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó tàbí ní òkèèrè ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ wọn kò ní sí lórí ojú ìwé yunifásítì, síbẹ̀ wọ́n lè jẹ́ olóòótọ́. Ẹ bi wọ́n pé abẹ́ ta ni wọ́n wà, kí ẹ sì lọ bi ẹni náà. Olóòótọ́ yóò sọ ọ́ láìṣe wàhálà. Ẹni tí ó bá sọ pé àṣírí iṣẹ́ ni, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni ó ti tú àṣírí ọ̀pọ̀ nínú wọn lójú mi: ta ni ó ń san owó iṣẹ́ yín? Ejẹ́ńtì tí yunifásítì mọ̀, yunifásítì ni ó ń san án. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mú wá bá ti wọlé, tí ó sì ti forúkọ sílẹ̀, yunifásítì yóò fún un ní kọ́míṣọ̀n láti inú owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́. Owó náà kì í ṣe kékeré, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì gidi kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn mìíràn sì ń gba owó díẹ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, tí wọ́n á kọ rìsíìtì rẹ̀. Owó iṣẹ́ nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di olè. Ohun tí kò ní àlàyé rere ni owó CAS. Yunifásítì ni ó ń san owó fún ìjọba lórí CAS kọ̀ọ̀kan, £55 sì ni láti oṣù kẹrin ọdún 2025. Kò sí ibi tí a ti ń ta CAS fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá sọ pé owó àsansílẹ̀ ilé ìwé ni àwọn ní lọ́kàn, pé àwọn kàn pè é ní owó CAS ni, ìbéèrè tí ó kàn yóò yanjú rẹ̀.

Sínú àkáǹtì ta ni a ó san án sí? Owó ilé ìwé kò gbọdọ̀ kọjá lára ejẹ́ńtì rárá. Yunifásítì yóò fún ọmọ yín ní nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀, yóò sì tọ́ka sí ọ̀nà tí yóò fi san án, bóyá tààrà sínú àkáǹtì yunifásítì tàbí nípasẹ̀ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fi ń gba owó láti òkèèrè, bíi Flywire tàbí Convera, tí ìtọ́kasí rẹ̀ wà lórí ojú ìwé yunifásítì fúnra rẹ̀. Rìsíìtì yóò jáde lórúkọ ọmọ yín. Bí CAS bá dé, iye owó ilé ìwé àti iye tí ẹ ti san yóò wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì fi wéra pẹ̀lú rìsíìtì tí ó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀tàn kan wà lórí ọ̀rọ̀ owó yìí tí ó ń mú àwọn òbí tí ó gbọ́n dáadáa, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Nítorí pé pọ́n-ùn wọ́n, ejẹ́ńtì yóò sọ fún yín pé: ẹ fún wa ní náírà níbí, a ní ènìyàn ní ọ̀hún tí yóò bá yín san án ní pọ́n-ùn, a ó sì bá yín dín in kù. Ẹ ó san náírà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ọmọ yín yóò wọ ojú ìwé rẹ̀ ní yunifásítì, yóò sì rí i pé owó ti wọlé lóòótọ́. Inú gbogbo ilé yóò dùn, ejẹ́ńtì náà yóò sì di ẹni tí ẹ ń júwe fún ará àdúgbò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n fi káàdì báńkì tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn san owó náà. Nígbà tí oní-káàdì bá ké gbàjarè, báńkì rẹ̀ yóò gba owó náà padà lọ́wọ́ yunifásítì, ó sì lè pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ yín yóò di ajigbèsè ní yunifásítì, náírà yín ti lọ, orúkọ rẹ̀ sì ti wà nínú ọ̀rọ̀ owó jíjí tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa èyí léraléra. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín san owó ilé ìwé ní iye tí ó kéré sí iye rẹ̀, ìdí kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé owó náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ tún bi wọ́n pé ímeèlì ta ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ kí ejẹ́ńtì ṣí ímeèlì tuntun lórúkọ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì mú ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀. Wọ́n á ní ó ń mú kí iṣẹ́ yá. Lóòótọ́ ni ó ń mú un yá fún wọn, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọmọ yín kò ní rí lẹ́tà yunifásítì àfi èyí tí wọ́n bá fi hàn án, kò sì ní mọ irú èsì ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2025, ọ̀ràn yìí ti lágbára sí i, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà gba físà tí a lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tù mọ́. Físà orí ayélujára ni wọ́n ń fún un, tí a ń pè ní eVisa, inú àkáǹtì tirẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń bójú tó físà, ni ó sì wà. Ìgbà tí ó bá fẹ́ gba ilé, ìgbà tí ó bá fẹ́ gba iṣẹ́, àkáǹtì yẹn ni yóò ṣí láti fi hàn pé òun ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀. Bí ímeèlì tí wọ́n fi ṣí i bá wà lọ́wọ́ ejẹ́ńtì ní Bódìjà, kọ́kọ́rọ́ ìgbé ayé ọmọ yín ní ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ímeèlì ọmọ yín àti nọ́ńbà fóònù tirẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí ó sì jẹ́ pé òun nìkan ni ó mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Nígbà tí CAS bá dé, kí ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Yàtọ̀ sí owó, orúkọ ẹ̀kọ́ náà, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí tí yunifásítì fi gbà á wọlé wà níbẹ̀. Bí ó bá rí ìwé ẹ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀, tàbí ìpele èsì tí ó ga ju èyí tí LAUTECH fún un lọ, ẹnìkan ti tún èsì rẹ̀ kọ, kò sì gbọdọ̀ fi CAS náà béèrè físà. Kí ó kọ̀wé sí yunifásítì lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ ó fi hàn ní báńkì ni mo fẹ́ dúró lé jù lọ, torí níbẹ̀ ni ọmọ yín ti lè pàdánù ohun tí ó ju owó lọ. Ẹ bi ejẹ́ńtì náà pé: owó ta ni yóò wà nínú àkáǹtì yẹn, kí ni orúkọ àkáǹtì náà, báńkì wo sì ni? Òfin rẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní èyí tí ó kù nínú owó ilé ìwé ọdún àkọ́kọ́, pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án ó pọ̀ jù. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, iye oṣù kọ̀ọ̀kan ni £1,171 fún ẹni tí yóò kàwé lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ̀nù, àti £1,529 fún ẹni tí yóò wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ká ní owó ilé ìwé ọmọ yín jẹ́ £16,000, tí ẹ sì ti san £5,000 sílẹ̀, tí yunifásítì náà kò sì sí ní Lọ́ńdọ̀nù. Èyí tí ó kù nínú owó ilé ìwé ni £11,000. Oṣù mẹ́sàn-án lọ́nà £1,171 jẹ́ £10,539. Àpapọ̀ rẹ̀ ni £21,539, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì náà fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín kù ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ọjọ́ tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ má sì ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tí ó béèrè físà. Náírà ni ẹ lè fi sí i. Wọn yóò ṣírò rẹ̀ sí pọ́n-ùn, nítorí náà ni mo ṣe máa ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi owó kún un, kí ó má baà dín ní pọ́n-ùn bí náírà bá já wálẹ̀ kí ó tó béèrè físà.

Àkáǹtì ọmọ náà fúnra rẹ̀ tàbí ti bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Bí ó bá jẹ́ ti òbí, ìwé ìbí rẹ̀ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda yín yóò tẹ̀ lé e. Bùọ̀dá, àǹtí, ẹ̀gbọ́n bàbá, ọmọ ìjọ, kò sí èyí tí wọ́n ń gba àkáǹtì rẹ̀ nínú wọn, bí ó ti wù kí ìfẹ́ wọn jinlẹ̀ tó. Ejẹ́ńtì tí ó ní òun yóò wá owó tí ẹ ó fi hàn lè ní ọ̀nà méjì lọ́kàn. Ọ̀kan ni pé ó fẹ́ yá yín lówó tí yóò jókòó sínú àkáǹtì yín fún oṣù kan, tí ẹ ó san èlé rẹ̀, tí yóò sì padà gbà lọ. Òṣìṣẹ́ físà tí ó bá rí i pé owó ńlá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà sínú àkáǹtì tí kì í rí irú rẹ̀ lè béèrè ibi tí ó ti wá. Ẹ kò sì lè dáhùn ní tòótọ́, torí owó náà kì í ṣe tiyín. Ọ̀nà kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìwé báńkì tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn. Àwọn tí ń yẹ físà wò lè kọ̀wé sí báńkì náà, kí báńkì sì sọ pé kò sí irú owó bẹ́ẹ̀.

Bí ìwé ayédèrú bá wà nínú ìbéèrè físà, wọ́n lè kọ̀ ọ́ bí ọmọ yín kò tilẹ̀ mọ̀ nípa rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbà pé ó fi ẹ̀tàn ṣe é, wọ́n lè má fún un ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́wàá. Ìyẹn kò sì mọ sí ibẹ̀, nítorí fọ́ọ̀mù físà àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ń béèrè bóyá wọ́n ti kọ̀ fún un rí. Orúkọ ejẹ́ńtì kò sí níbi kankan nínú ìyà yìí. Ọmọ yín ni ó fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan tí ó yá láti béèrè: bí wọn kò bá fún un ní físà, owó wo ni yóò padà, láti ọwọ́ ta ni, sínú àkáǹtì ta ni? Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dáhùn rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó físà, tí wọ́n sọ di £524 ní oṣù kẹrin ọdún 2025, kì í padà. Owó ìlera tí à ń san pẹ̀lú rẹ̀, £776 lọ́dún kan, tí ó sì sábà ń jẹ́ £1,164 fún mástàsì ọlọ́dún kan nítorí oṣù tí wọ́n ń fi kún un lẹ́yìn ẹ̀kọ́, yóò padà. Owó àsansílẹ̀ ilé ìwé sábà máa ń padà nígbà tí wọ́n bá fi ìwé ìkọ̀sílẹ̀ hàn, àfi bí ìkọ̀sílẹ̀ náà bá jẹ́ nítorí ìwé ayédèrú. Àwọn iye wọ̀nyí máa ń yí padà, nítorí náà, ẹ wò wọ́n lórí gov.uk ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ san án. Ẹni tí ó bá ní físà dájú kò ní ní ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, torí kò tíì ronú pé wọ́n lè kọ̀ ọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó ń fúnni ní físà, kò sì sí ejẹ́ńtì tí ó wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wọn.

Ní ti yín gan-an, ohun tí mo máa ṣe bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo wà níbẹ̀ ni èyí. Ní ọ̀la, ọmọ yín ni kí ó kọ ìwé sí ejẹ́ńtì náà, kí ó béèrè orúkọ gbogbo yunifásítì tí wọ́n ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí, ẹ̀dà gbogbo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé ímeèlì tí wọ́n lò. Kí ó kọ ọ́, kí ó má ṣe sọ ọ́ lẹ́nu nìkan, kí ẹ lè ní ẹ̀rí. Bí wọ́n bá fún un ní gbogbo rẹ̀, kí ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà lójú ẹsẹ̀, kí ó sì kọ ìwé sí yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti béèrè ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́ lórúkọ rẹ̀. Bí wọn kò bá fún un, kí ó kọ ìwé náà sí àwọn yunifásítì tí ó bá mọ̀, kí ó sì fi ẹ̀dà páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó lè fi ìwé ránṣẹ́ sí yunifásítì tí ó bá wù ú láìsí ejẹ́ńtì rárá. Fọ́ọ̀mù wọn wà lórí ojú ìwé wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gba owó fọ́ọ̀mù fún mástàsì, àwọn kan sì ń gba èsì Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC dípò ìdánwò mìíràn.

₦250,000 tí ẹ ti san, ẹ béèrè rẹ̀ padà pẹ̀lú ìwé, kí ẹ sì fi rìsíìtì tàbí ẹ̀rí ìfowóránṣẹ́ báńkì mọ́ ọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, EFCC ní ọ́fíìsì ní Ìbàdàn tí ẹ lè kọ ẹ̀sùn sí, pẹ̀lú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi ṣèlérí pé físà dájú àti pé àwọn yóò wá owó báńkì; ẹ má ṣe pa nǹkan kan rẹ́ nínú fóònù yín. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti béèrè físà lórúkọ ọmọ yín láìsọ fún yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ejẹ́ńtì tún un ṣe. Ẹ wá agbaninímọ̀ràn tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ Immigration Advice Authority, ilé-iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ físà ní ọ̀hún, kí ẹ sì fi gbogbo ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín hàn án kí ìjọba tó fèsì.